Omi Tó Fara Pamọ́ Sínú Irun Ajá

Ọ̀pọ̀ ilé tó ní ọgbà ní Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta ló ń sin ajá méjì tí irun wọn kò jọra rárá. Ọ̀kan lè jẹ́ Alséṣàn tí irun rẹ̀ nípọn láti ọrùn dé ìrù, tàbí Kọkéṣàn tó tóbi, tí irun bo gbogbo ara rẹ̀. Èkejì a jẹ́ Búábúlù láti Gúúsù Áfíríkà, tàbí ajá ìbílẹ̀ tiwa tí irun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara pẹ́kípẹ́kí. Tí ọjọ́ ìwẹ̀ bá pé, bọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà, ọṣẹ kan náà àti kànìnkànìn kan náà ni wọ́n máa ń fi wẹ àwọn méjèèjì, wọn a sì tú wọn sílẹ̀ kí wọ́n gbọn omi ara wọn dànù. Ibẹ̀ gan-an ni ìyà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ajá onírun kúkúrú, ọṣẹ ló yẹ kí ẹni tó ni ín máa ṣọ́. Onírun púpọ̀, omi ni.

Tí ẹ bá fi ọwọ́ la irun ẹ̀yìn Alséṣàn títí tí ẹ fi rí awọ, ẹ máa rí i pé irun oríṣi méjì ló hù níbẹ̀. Irun òde gùn, ó le, ó sì ń dán. Òun ló ń gba òjò àti oòrùn dúró. Irun inú kúrú jù ú lọ, ó tínrín, ó rọ̀, ó sì pọ̀ débi pé ó lè ṣòro láti rí awọ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Láti inú ihò kan náà ni irun òde kan àti irun inú mélòó kan ti máa ń jáde pọ̀. Iṣẹ́ irun inú ni láti há afẹ́fẹ́ mọ́ ara, kí òtútù má bàa wọlé. Ilẹ̀ olótùútù ni àwọn ajá wọ̀nyí ti ṣẹ̀ wá. Jámánì ni wọ́n ti forúkọ Alséṣàn àkọ́kọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1899, ajá tí wọ́n fi ń da àgùtàn sì ni. Kọkéṣàn ní tirẹ̀, orí òkè Kọkásù ló ti ń ṣọ́ ẹran ọ̀sìn lọ́wọ́ ìkookò. Búábúlù àti ajá ìbílẹ̀ kò ní irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀. Irun inú tiwọn kò tó nǹkan, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ sí.

Tí ẹ bá da omi sí Alséṣàn lára, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ máa kọ́kọ́ yọ́ kúrò lórí irun òde. Àmọ́ gbàrà tí omi bá ti ráyè dé irun inú, ó ti dúró síbẹ̀ nìyẹn, nítorí irun inú ń mu omi bí òwú. Ajá náà á gbọn ara rẹ̀, irun òde á gbẹ láàárín wákàtí kan, ẹni tó bá fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn á sì sọ pé ó ti gbẹ. Nísàlẹ̀, lára awọ, omi ṣì wà. Ní oṣù kẹfà àti oṣù keje, nígbà tí òjò ń rọ̀ tí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ti kún fún ọ̀rinrin, omi yẹn lè wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ní àsìkò ọyẹ́, ó máa ń yára gbẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Mo mọ ìdílé kan ní Ìbàdàn tí nǹkan yìí ṣẹlẹ̀ sí. Ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ló ni ilé náà, ó ní Alséṣàn kan tó wọn nǹkan bíi kìlógíráàmù 34 àti Búábúlù kan tó tóbi jù ú lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù keje, ọmọ ọ̀dọ̀ wọn fi ọṣẹ ìwẹ̀ tí àwọn ará ilé ń lò, èyí tí wọ́n fi oògùn apakòkòrò sí, wẹ àwọn méjèèjì. Aago márùn-ún ti kọjá. Kò ya irun Alséṣàn kó tó wẹ̀ ẹ́, kò sì bọ́ bẹ́líìtì ọrùn rẹ̀. Ó fi aṣọ ìnura kan ṣoṣo nu ajá méjèèjì, ó sì dá wọn padà sínú ilé wọn nítorí òjò tó ń ṣú.

Nígbà tó fi máa di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Alséṣàn náà ti ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn họ abẹ́ etí rẹ̀ láìsinmi. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, irun tó wà níbẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀, ó ń rùn, omi aláwọ̀ òféèfèé-ìyeyè sì ń jáde láti abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìyá náà gbìyànjú láti fọwọ́ kàn án, ajá tí kì í kùn sí i rí bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Dókítà ẹranko ní láti fá irun tó yí ojú ibẹ̀ ká kó tó rí bí egbò náà ṣe tóbi tó, ó sì fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó fi omi oògùn kulọrẹsídìnì fọ̀ ọ́, ó fún ajá náà ní oògùn tí yóò pa ìyún náà, ó sì fi ike rìbìtì sí i lọ́rùn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má bàa kan ibẹ̀ mọ́.

Ìyá náà bi í bóyá ọṣẹ ló bó o láwọ. Dókítà náà dá a lóhùn pé, "Ọṣẹ náà kò dáa, Mà, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló fa èyí. Omi tí ẹ fi wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Sátidé ló ṣì wà lára rẹ̀ dọjọ́ Àìkú."

Ohun tó sọ yẹn ló máa ń fa irú egbò bẹ́ẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tó máa ń gbé lára awọ ọ̀pọ̀ ajá tí kì í sì í ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Níbi tó bá ti móoru, tó tutù, tí afẹ́fẹ́ kò sì dé, kòkòrò yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i. Awọ á yún, ajá á họ ọ́ tàbí kó lá a, èékánná àti ahọ́n á sì bó awọ náà, omi ara á jáde, ibẹ̀ á tún tutù sí i. Bó ṣe ń yí po nìyẹn, ìdí sì nìyí tí egbò tí kò sí níbẹ̀ láàárọ̀ fi lè fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Abẹ́ etí, abẹ́ bẹ́líìtì ọrùn, ìdí ìrù àti ẹ̀yìn itan ló ti wọ́pọ̀ jù, nítorí ibẹ̀ ni irun inú ti nípọn jù lọ. Tí ibi tó tutù bẹ́ẹ̀ bá tún dọ̀tí, eṣinṣin lè yé ẹyin síbẹ̀, kí ìdin sì ti wà nínú irun náà láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura.

Búábúlù ńkọ́? Egbò kankan kò yọ lára rẹ̀. Ara rẹ̀ ti gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ Sátidé náà. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, èépá funfun wẹ́wẹ́ ti bo ẹ̀yìn rẹ̀, irun rẹ̀ kò dán mọ́, ó sì ń fi ara ha ògiri. Òun ni ọṣẹ yẹn bá jà ní tirẹ̀.

Lẹ́yìn tí egbò Alséṣàn jinná tán, ọmọ ìyá náà tó wà ní yunifásítì gba ìwẹ̀ wọn mọ́ ọmọ ọ̀dọ̀ lọ́wọ́, dókítà sì ṣàlàyé fún un. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣe é, nítorí náà mo lè sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ọjọ́ tó ṣáájú ìwẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó dá ajá náà dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí ẹní, ó sì mú búrọ́ọ̀ṣì onírin wẹ́wẹ́ àti òòyà onírin kan. Kò fi búrọ́ọ̀ṣì fà lórí irun lásán, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe máa ń ṣe, torí irun òde nìkan ni irú ìyẹn ń tọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ó fi ọwọ́ òsì gbé irun sókè títí tí ìlà awọ fi hàn, ó wá ń fi ọwọ́ ọ̀tún ya irun tó wà lábẹ́ ìlà náà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ibẹ̀ mọ́, ó jẹ́ kí irun mìíràn sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ òsì, ìlà tuntun sì yọ. Báyìí ló ṣe gòkè dé ẹ̀yìn ajá náà, tó sì yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Irun inú tó ti kú, èyí tó ti já lára awọ ṣùgbọ́n tó há sáàárín àwọn yòókù, kún àpò ọ̀rá kan. Ó gbà á ju wákàtí kan lọ.

Ó bá irun tó ti lọ́ pọ̀ di kókó lẹ́yìn etí. Irú kókó bẹ́ẹ̀ ni kì í jẹ́ kí omi jáde, tí ó bá sì ti fara kan omi, ṣe ló máa ń fún sí i tí yóò sì le. Ìdí nìyẹn tí ó fi gbọ́dọ̀ tú kí ajá tó rí omi rárá. Ó fi ìka méjì di ìdí irun náà mú kí awọ má bàa fà, ó fi ìka ya kókó náà sí wẹ́wẹ́, ó wá ń fi òòyà tú u láti ẹnu irun bọ̀ wá sí ìdí. Ẹ má fi sísọ́ọ̀sì gé e o. Awọ máa ń wọ inú kókó irun láìhàn síta, ọ̀pọ̀ ajá ni wọ́n sì ti gé lára bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò bá tú, kí dókítà tàbí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ irun ajá fi ẹ̀rọ fá ojú rẹ̀.

Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé yíya náà ti tó? Kí òòyà onírin wọlé láti ìdí irun, lára awọ gan-an, kó sì jáde lẹ́nu irun láì há níbì kankan. Ibi tó bá há, ibẹ̀ kò tíì ṣetán fún omi.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ìwẹ̀ fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí gbogbo ọjọ́ lè wà fún gbígbẹ. Ó bọ́ bẹ́líìtì ọrùn. Omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, kò gbóná. Ẹ ṣọ́ra fún omi táǹkì tí oòrùn ọ̀sán ti pa, ó lè gbóná jù fún ajá. Rírin irun inú pàápàá gba sùúrù. Ó ń fi ife da omi sí i, ó sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ irun náà mọ́ra kí omi lè wọlé, ó ń la irun wò bóyá awọ ti tutù. Bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́fà ló lò fún Alséṣàn yẹn látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Búábúlù kò lò tó mẹ́ta.

Kò da ọṣẹ olómi sórí irun bẹ́ẹ̀. Ó wọn ìwọ̀n kan ọṣẹ ajá sínú ìgò, ó sì bu ìwọ̀n mẹ́wàá omi sí i gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ìgò ọṣẹ náà. Ọṣẹ tó ki kì í dé awọ ajá onírun púpọ̀. Orí irun òde ló ti máa ń hó tán, ṣíṣan rẹ̀ kúrò á sì di wàhálà. Èyí tí wọ́n bá lú pọ̀ mọ́ omi ló máa ń ṣàn wọlé. Ìka ọwọ́ ló fi fọ̀ ọ́, ó ń gbé e lọ síbi tí irun dojú kọ. Kò fi ọwọ́ rà á rìbìtìrìbìtì, torí ìyẹn a máa ta irun inú ní kókó lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló fọ̀ ọ́. Fífọ̀ àkọ́kọ́ ń ká ìdọ̀tí àti òróró tó ti pẹ́, ọṣẹ rẹ̀ kì í sì í hó dáadáa. Ìkejì ló ń fọ awọ.

Ọṣẹ tí wọ́n ṣan kúrò láìmọ́ jẹ́ ọ̀tá kejì lẹ́yìn omi. Tó bá gbẹ mọ́ ìdí irun, ara á máa yún ajá náà, wọ́n á sì rò pé eégbọn ni. Kí ṣíṣan náà pẹ́ tó ìlọ́po méjì fífọ̀. Láti ọrùn lọ sí ìrù ni, láti òkè bọ̀ sísàlẹ̀, kí ẹ wá parí rẹ̀ sí abíyá, ikùn àti àárín itan, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọṣẹ ń ṣàn lọ. Omi tó ń kán kò gbọdọ̀ ní ìfófòó kankan nínú mọ́, irun náà kò sì gbọdọ̀ máa yọ̀ lọ́wọ́.

Ní ti gbígbẹ, ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ fún omi dànù láti òkè ẹsẹ̀ wá sílẹ̀ àti láti ìdí ìrù dé ẹnu rẹ̀. Ó sún sẹ́yìn kí ajá náà lè gbọn ara rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ló wá fi aṣọ ìnura tẹ̀ ẹ́. Títẹ̀ ni o, kì í ṣe kí ẹ máa rà á. Mẹ́rin ni aṣọ ìnura tó rin gbingbin kí ó tó gbé ẹ̀rọ jáde.

Ẹ̀rọ tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ irun ajá ń lò yàtọ̀ sí èyí tó wà ní ilé onídìrí. Ti onídìrí ń fi ooru fa omi. Ti ajá ń fi agbára afẹ́fẹ́ lé omi jáde, ooru rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ẹ máa rí omi tó ń fò jáde níwájú afẹ́fẹ́ náà, irun á là sọ́tùn-ún sósì, awọ á sì hàn gbangba. Wọn kì í kúrò lójú kan títí omi kò fi ní jáde níbẹ̀ mọ́, wọn kì í sì í kọjú rẹ̀ sí etí àti ojú, torí agbára rẹ̀ pọ̀, ariwo rẹ̀ sì ń ba ajá lẹ́rù. Ẹ̀yìn ara ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀, kí ajá lè mọ́ ọn lára kí ó tó dé àyà. Ẹni tó bá jẹ́ pé ti onídìrí nìkan ló ní, kí ó yí i sí ibi tó tutù jù, kí ó fi ọwọ́ tirẹ̀ sáàárín ẹ̀rọ àti ara ajá. Tí ooru bá ni ọwọ́ yẹn lára, ó ti pọ̀ jù fún awọ ajá, tí ó fẹ́lẹ́ ju tiwa lọ.

Iná sì lọ ní agbedeméjì iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, bó ṣe máa ń ṣe. Ó mú ajá náà lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó sì ń la irun ìlà kan sí ìkejì pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì, kí afẹ́fẹ́ lè dé ìdí rẹ̀. Kò so ó mọ́ inú oòrùn. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń so Alséṣàn mọ́ inú oòrùn ọ̀sán kó lè yára gbẹ gbọ́ èyí dáadáa: ajá kì í làágùn lára bíi tiwa, ẹnu ló fi ń mí ooru jáde. Tí irun bá rin gbingbin, tí oòrùn sì ń pa á, ọ̀rinrin gbígbóná ló máa há mọ́ ọn lára. Tí ó bá ti ń mí helehele láìdákẹ́, tí itọ́ rẹ̀ ń ki, tí ó sì ń ta gìrọ́gìrọ́, ooru ti ń pa á lọ nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà sì ti kúrò ní ti irun. Ẹ gbé e sínú òjìji, ẹ da omi sí i lára, ẹ sì wá dókítà kíákíá.

Wákàtí méjì àbọ̀ ló gbà kó tó gbẹ. Bí wọ́n ṣe mọ̀ pé ó ti gbẹ rọrùn, ó sì dá mi lójú ju ohunkóhun mìíràn lọ: wọ́n jẹ́ kí ajá náà sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n wá ti ìka bọ ìdí irun ní abẹ́ etí, ọrùn, ìdí ìrù àti ẹ̀yìn itan. Irun tó bá ṣì ní omi máa ń tutù lọ́wọ́, àní bí ojú rẹ̀ bá dà bí èyí tó gbẹ. Ẹ̀yìn itan rẹ̀ tutù, wọ́n sì padà síbẹ̀.

Ní ti ọṣẹ, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú awọ. Wọ́n ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní pH, tí wọ́n fi ń mọ bí nǹkan ṣe kan tó tàbí bí oró eérú inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. 7 ni àárín. Awọ ènìyàn wà ní nǹkan bíi 5, ti ajá sì sún mọ́ 7. Ọṣẹ tí wọ́n bá fi eérú tàbí kẹ́míkà bíi tirẹ̀ sè, títí kan ọṣẹ dúdú wa, sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 9 sí 10. Ìyẹn ń fọ òróró awọ dànù. Awọ wa nípọn jù, ara wa sì ń yára pèsè òróró mìíràn. Awọ ajá fẹ́lẹ́, ó sì máa ń gbẹ. Ọṣẹ ìfọṣọ tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Omi apakòkòrò tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lè jó ajá lára, ó sì lè ṣe é ní jàǹbá tó bá lá a. Kẹrosíìnì àti ọ́ìlì dúdú tí àwọn mẹkáníìkì bá ti lò tán, tí wọ́n máa ń fi pa ajá eléèkúrú lára, májèlé ni méjèèjì. Wọ́n ń gba inú awọ wọlé, ajá tún ń lá wọn, èkúrú náà kò sì lọ.

Ọṣẹ ajá tí kò ní òórùn dídùn púpọ̀ ló dára fún ìwẹ̀ ojoojúmọ́ ayé. Tí awọ bá ń yún tàbí tó gbẹ, èyí tí wọ́n fi óòtì sí máa ń tù ú. Èyí tó ní kulọrẹsídìnì, ọṣẹ ìtọ́jú ni; ìgbà tí dókítà bá rí kòkòrò lára awọ ni wọ́n ń lò ó, ó sì gbọ́dọ̀ wà lára ajá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó ṣan án, torí bí ẹ bá ṣan án kíákíá, ẹ ti da oògùn náà nù. Ọṣẹ tó ń pa eégbọn ń pa èyí tó wà lára lọ́jọ́ náà ni, kì í lé ti ọ̀la. Tí ológbò bá wà nílé, ẹ ka ara ìgò. Oògùn kan tí wọ́n ń pè ní pẹmẹtíríìnì wà nínú ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n ń tà fún ajá, ó sì lè pa ológbò.

Ohun kan wà tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré nípa ọṣẹ tí wọ́n lú pọ̀ mọ́ omi. Èyí tó bá kù, ẹ dà á nù lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì fọ ìgò rẹ̀ kó gbẹ. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ọṣẹ bàjẹ́ kò lágbára mọ́ tí omi bá ti wọ̀ ọ́, kòkòrò kan tó fẹ́ràn omi a sì máa bí nínú rẹ̀. Nígbà ìwẹ̀ tó bá tẹ̀ lé e, ọwọ́ tó ń fi agbára ra irun á ti kòkòrò náà wọ inú ihò irun lọ. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ẹ̀yìn ajá náà á kún fún kókó tó ń ro ó gidigidi, ara rẹ̀ á gbóná, kò ní fẹ́ jẹun, á sì ké tí ẹ bá fọwọ́ kàn án lẹ́yìn. Kì í ṣe ohun tí ìwẹ̀ mìíràn lè wò. Dókítà ni, kí ẹ sì sọ fún un pé ẹ wẹ̀ ẹ́ láìpẹ́.

Ajá onírun kúkúrú kò ní ìṣòro gbígbẹ. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà oníkókó ni kí ẹ fi ra ara rẹ̀ kí ó tó wẹ̀, kí irun tó ti kú lè jáde. Ìwẹ̀ náà kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, aṣọ ìnura kan sì tó. Ṣùgbọ́n kò sí irun tó lè dínà ọṣẹ fún awọ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí Búábúlù ìyá yẹn fi yọ èépá. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ti tó fún un bí kò bá lọ yí nínú ẹrẹ̀. Kí ẹ fi aṣọ tútù nù ún láàárín. Ibi tí omi ti lè fara pamọ́ sí i lára ni ibi tí awọ ojú rẹ̀ ti pọ́n àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ẹ nu ibẹ̀ gbẹ. Àdín àti òróró àgbọn tí àwọn kan fi ń pa á kó lè máa dán, eruku ló ń lẹ̀ mọ́ ọn, ajá á sì lá èyí tó kù.

Rọ́tíwáílà ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Irun rẹ̀ kúrú, ṣùgbọ́n irun inú wà ní ọrùn àti itan rẹ̀. Ẹ gbẹ àwọn ibẹ̀ bí ẹ ṣe ń gbẹ ti Alséṣàn.

Fún Alséṣàn àti Kọkéṣàn, ìwẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ti tó, yíya irun ló yẹ kó máa wáyé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ní ilẹ̀ tí ìgbà òtútù àti ìgbà ooru ti yàtọ̀ gédégédé, irun inú máa ń já wìtìwìtì lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, torí gígùn ọjọ́ ló ń darí rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ gùn tàbí kúrú, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ló ń já ní gbogbo ọdún, kò sì sí oṣù tí ẹ lè gbé búrọ́ọ̀ṣì sọ nù.

Àwọn kan ń fá gbogbo irun yìí nítorí ooru. Mo mọ̀ pé àánú ajá ló ń ṣe wọ́n, síbẹ̀ kò dára. Irun òde ni kì í jẹ́ kí oòrùn pa awọ ní tààrà. Tí wọ́n bá fá a, irun inú ló máa ń kọ́kọ́ hù padà, rírọ̀ àti kíkì, a sì di ibi tí omi àti ìdọ̀tí ń há sí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Irun òde lè gba ọdún kan kó tó padà, nígbà mìíràn ojú kan á pá fún ìgbà pípẹ́. Irun inú tó ti kú, tí búrọ́ọ̀ṣì ń kó jáde, ni ẹ nílò láti mú kúrò, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba inú èyí tó wà láàyè kọjá. Ibi tí egbò tàbí kókó tí kò tú bá wà nìkan ni fífá ti bọ́gbọ́n mu.

Tí ẹ bá ń lo oògùn eégbọn tí wọ́n máa ń kán sí ẹ̀yìn ọrùn, ẹ fi ìwẹ̀ àti oògùn jìnnà síra. Orí òróró awọ ni irú oògùn bẹ́ẹ̀ fi ń rìn ká gbogbo ara. Ẹ jẹ́ kó pé ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìwẹ̀ kí ẹ tó kán an, kí òróró náà lè ti padà, kí ẹ má sì tún wẹ ajá náà títí ọjọ́ méjì mìíràn yóò fi kọjá. Ti Alséṣàn, ẹ la irun títí ẹ fi rí awọ, kí ẹ sì gbé ẹnu ìgò lé awọ gan-an. Èyí tó bá kán sórí irun kò ní dé ibi tí eégbọn wà.